Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà Ìfiṣẹ́sílẹ̀

Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni ìwé tí òṣìṣẹ́ fi ń jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti ọjọ́ tí òun yóò ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Ìwé ìfitónilétí ni, kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin kò fún agbanisíṣẹ́ lágbára láti dá ẹni tó fẹ́ lọ dúró ní túláàsì. Ẹ̀tọ́ tó ní ni pé kí wọ́n sọ fún un ṣáájú, fún iye àkókò tí àdéhùn tàbí òfin là sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ pé "Mo tọrọ àyè láti fi iṣẹ́ sílẹ̀" tàbí "Mo ń gbèrò láti lọ láìpẹ́" kò tí ì fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀. Ó kàn sọ èrò ọkàn rẹ̀ ni.

Kí a tó mú bírò, ìwé ìgbanisíṣẹ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé jáde, torí inú rẹ̀ ni iye àkókò nótíìsì máa ń wà. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà pàṣẹ pé kí oṣù mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ ti fún un ní ìwé tó ṣàlàyé àdéhùn wọn, kí ọ̀rọ̀ nótíìsì sì wà níbẹ̀. Bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan kan, abala 11 òfin náà ló máa dá a. Ẹni tí kò tí ì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́ yóò fi ọjọ́ kan sọ ọ́ ṣáájú. Bó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ àmọ́ tí kò tí ì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni. Ẹni tó ti pé ọdún méjì tí kò tí ì pé márùn-ún yóò fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó bá sì ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò fún wọn ní oṣù kan. Nótíìsì tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí wà fún. Ní ti mánéjà àti àwọn onímọ̀ iṣẹ́, ohun tí wọ́n buwọ́ lù nínú àdéhùn ni wọ́n máa tẹ̀ lé, ó sì lè gùn tó oṣù mẹ́ta.

Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ ni lẹ́tà yìí, ẹni tó bá sì ti kọ irú rẹ̀ níléèwé rí mọ ètò rẹ̀: àdírẹ́sì ẹni tó ń kọ ọ́, déètì, ipò àti àdírẹ́sì ẹni tí a ń kọ ọ́ sí, ìkíni, àkọlé, ara lẹ́tà, orúkọ àti ìbuwọ́lùwé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà ń lò, ṣùgbọ́n ètò náà kò yàtọ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ara lẹ́tà, kò sì yẹ kó ju ìpínrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kúkúrú lọ.

Ká mú àpẹẹrẹ akọ̀wé kan ní ẹ̀ka ìṣúná iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn. Oṣù Kejì ọdún 2022 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí a bá fi ti abala 11 wò ó, ọ̀sẹ̀ méjì ló máa jẹ́ nótíìsì rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù kan ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ sọ, òun náà ló sì máa tẹ̀ lé. Ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀njọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ló tẹ lẹ́tà rẹ̀, àmọ́ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, ló máa tó lè fi í lé ọ̀gá lọ́wọ́. Déètì wo ló yẹ kó fi ka oṣù náà? Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ọjọ́ tí a tẹ̀ ẹ́. Bó bá kà á láti Ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà ni yóò lọ, ọjọ́ méjì á sì dín nínú nótíìsì rẹ̀. Bó bá kà á dáadáa, ọjọ́ kejì oṣù Keje ni. Ara lẹ́tà rẹ̀ lè lọ báyìí:

"Mo fi lẹ́tà yìí fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ní ẹ̀ka ìṣúná. Mo fún yín ní nótíìsì oṣù kan tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi là sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti òní, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ọdún 2025. Ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 2025 ni màá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn.

"Kí ọjọ́ náà tó pé, màá fa àwọn ìwé ìṣirò owó àti kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lé ẹni tí ẹ bá yàn lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò owó oṣù mi tó kù àti ọjọ́ ìsinmi tí mi ò tí ì lò.

"Mo dúpẹ́ fún àǹfààní tí mo ní láti bá yín ṣiṣẹ́."

Kò sí ìdí tó fi ń lọ níbẹ̀, kò sì pọn dandan kó wà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ lè fi gbólóhùn kan sọ pé òun fẹ́ padà síléèwé tàbí pé òun ń kó lọ sí ìlú mìíràn. Ohun tó léwu ni kí a sọ lẹ́tà náà di ìwé ìfisùn. Inú fáìlì ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì máa wà nígbà tí ọ̀gá tó bí òṣìṣẹ́ nínú bá ti kúrò, tí iléeṣẹ́ tuntun bá sì kọ̀wé wá béèrè irú ẹni tó jẹ́. Orúkọ ẹlẹgbẹ́ ẹni, èébú, ìhalẹ̀, ìfiwéra owó oṣù àti orúkọ ibi tí a ń lọ, kò sí èyí tó ní iṣẹ́ kankan í ṣe níbẹ̀. Bákan náà ni ìlérí tí a kò ní lè mú ṣẹ, irú bí pé a ó máa wá ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá pè.

Ọ̀rọ̀ yí padà fún ẹni tí wọ́n fipá lé dé ìdí kíkọ lẹ́tà: bóyá wọ́n ti dá owó oṣù rẹ̀ dúró, tàbí wọ́n ní bí kò bá kọ ọ́, àwọn á lé e. Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ní Nàìjíríà gbà pé irú ìfiṣẹ́sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìléniníṣẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọ ìdúpẹ́ gígùn tí kò sọ ohun tó lé e dé ibẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè já a nírọ́ lọ́jọ́ iwájú. Kí ó kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kó tó buwọ́ lu ohunkóhun ni ó dára jù.

Ẹni tí kò lè dúró pé nótíìsì lè san owó dípò àkókò tó kù, bí àdéhùn bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà gbangba. Ẹni tó bá kàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni ló máa ń bá ìjà owó oṣù pàdé.

Ẹ̀dà méjì ni kí a mú dání lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fi lẹ́tà náà sílẹ̀. Kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu ẹ̀dà kejì, kí ó kọ déètì sí i, kí òṣìṣẹ́ sì gbé e lọ sílé. Bó bá jẹ́ ímeèlì ni, kí a tọ́jú èyí tí a fi ránṣẹ́ àti èsì tó bá wá, sínú àpótí tiwa, torí iléeṣẹ́ lè ti ímeèlì rẹ̀ pa lọ́jọ́ tí a bá lọ. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 gba ẹni tí kò tí ì pé ẹni àádọ́ta ọdún láàyè láti gba tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀, bó bá ti lo oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́ mìíràn. Iléeṣẹ́ tó ń bójú tó owó náà yóò béèrè ẹ̀rí pé ó ti kúrò níbi iṣẹ́, àti ọjọ́ tó kúrò. Lẹ́tà tó ní déètì àti ìbuwọ́lùwé ẹni tó gbà á, pẹ̀lú ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi dá a lóhùn, ni yóò fi hàn wọ́n.