Nígbà Tí Ẹnìkan Bá Panu Mọ́

Ẹni tó bá dàgbà sí agboolé mọ bí wọ́n ṣe ń parí ìjà tọkọtaya. Baálé á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ọkọ á rojọ́ títí ẹnu á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ìyàwó á sorí kodò, á máa fi èékánná họ etí ẹní. Wọ́n á ní kó sọ tiẹ̀, á ní òun ò ní nǹkan kan í sọ. Baálé tó gbọ́n kì í bá a fà á. Tílẹ̀ bá ṣú, ìyá àgbà kan á pè é sẹ́yìnkùlé bí ẹni pé kó wá bá òun ṣa ẹ̀fọ́. Ìdí ẹ̀fọ́ yẹn lọ̀rọ̀ ti ń jáde.

Àwọn onílàjà òde òní náà ní ẹ̀yìnkùlé tiwọn, irú àwọn tó ń jókòó ní ilé ẹjọ́ onílẹ̀kùn-púpọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2002. Yàrá méjì ni wọ́n máa ń lò. Onílàjà á wọ ọ̀kan pẹ̀lú ẹnìkan, ẹnìkejì á dúró nínú ìkejì. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìjókòó kọ̀rọ̀. Ó jọ tilé wa, àmọ́ ibì kan wà tí wọ́n ti yàtọ̀. Ohun tí ìyá àgbà bá gbọ́ nídìí ẹ̀fọ́, etí baálé ló ń lọ, baálé ló sì máa dá ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Onílàjà kì í dá ẹjọ́. Kò lè ní kí ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀. Bó bá gbọ́ tẹnìkan ní kọ̀rọ̀, kò pa ẹnìkejì lára, bí ohun tó gbọ́ bá ti lè dúró síbi tó ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn kan. Èmi ni mo hun ún, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ò wọ́n nílùú. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, bàbá wọn fi ilé oníyàrá mẹ́fà sílẹ̀ ní Mushin. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n ti ń gba owó ilé. Níwájú onílàjà, ó sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ó kan àbúrò, ó ní, "Ohun tí Bọ̀ọ̀dá bá ti sọ náà ni." Onílàjà tí kò tíì gbóná lẹ́nu iṣẹ́ á rò pé ó ti gbà nìyẹn. Èyí tó ti pẹ́ níbẹ̀ á ti rí i pé báàgì rẹ̀ wà lórí itan, pé ó di ọwọ́ báàgì náà mú bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó, àti pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n ní "mo ti fún un ní tiẹ̀", ṣe ló dijú. Bí wọ́n bá fúngun mọ́ ọn lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yálà kó sọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀ tàbí kó dìde kó máa lọ.

Àtìbẹ̀rẹ̀ ni onílàjà ti sọ fún àwọn méjèèjì pé òun lè bá ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó lọ́tọ̀. Ká ní kò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n ì bá ti rò pé wọ́n fẹ́ gbìmọ̀ pọ̀ lé òun lórí. Ó mú àbúrò wọlé, àmọ́ kò fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ lásán. Ó fún un ní bébà pé kó kọ gbogbo owó ilé tó gbà àti ohun tó ná sára ilé. Ẹni tó bá jókòó lásán lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ìfura ló máa fi ṣiṣẹ́ ṣe. Bí kọ̀rọ̀ bá fẹ́ kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó yẹ kí onílàjà yọjú sí i, kó ní kó má bínú, ó ku díẹ̀.

Nínú yàrá, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni òfin ibẹ̀: "Mà, ohun tẹ́ ẹ bá sọ níbí ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn, àfi èyí tẹ́ ẹ bá ní kí n gbé." Gbogbo onílàjà kọ́ ló ń ṣe báyìí o. Òfin àwòṣe tí ìgbìmọ̀ òfin òwò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lọ́dún 2018 gbà á gba ọ̀nà òdì: onílàjà lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnìkejì, àyàfi bí ẹni tó sọ ọ́ bá ti ní kó fi í pa mọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá pe ìwọ tó ń kàwé yìí sí kọ̀rọ̀, béèrè èwo ni tiwọn kó o tó ya ẹnu.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè nípa ìdákẹ́ náà fúnra rẹ̀: "Ṣé ọ̀rọ̀ ni ò sí ni, àbí ó wà tí kò ṣe é sọ lójú wọn?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Ṣé kí n pe Bọ̀ọ̀dá mi ní òpùrọ́ ni? Àwọn ló rán mi níléèwé."

Bó bá jẹ́ pé lílù ló ń bà á lẹ́rù ni, ọ̀ràn yí padà nìyẹn. Onílàjà gbọ́dọ̀ dá ìjókòó dúró, kó má dá a padà síwájú ẹni tó ń lù ú, kó má sì jẹ́ kí wọ́n jọ jáde. Ti obìnrin yìí, ọ̀wọ̀ ló dí i lẹ́nu. Báyìí, ó sọ ohun mẹ́ta. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ló kan òrùlé tuntun tó sì gbẹ́ kànga, kò sì bá a jà sí ìyẹn. Ohun tó dùn ún ni pé wọ́n ń gba ayálégbé, wọ́n ń lé ayálégbé, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìkẹta, ó rọra sọ ọ́: ó jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ₦400,000, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà á.

Kí onílàjà tó jáde, ó ka ohun tó kọ sílẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ òrùlé àti kànga ńkọ́? Kó gbé e. Ayálégbé ńkọ́? Kó gbé e, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kó dún bí ìbínú. Gbèsè ńkọ́? "Rárá o! Ẹ ní mo fẹ́ kí owó àkọ́kọ́ tó nǹkan, ẹ má sọ ìdí."

Ibí gan-an ni iṣẹ́ náà ti le. Bó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó ní, "Ẹ fún wọn ní ₦400,000 lónìí, wọ́n á gbà," ó ti tú àṣírí láì dárúkọ gbèsè kankan, ó sì ti bá ẹ̀gbọ́n ra àbúrò ní gbàǹjo. Torí náà, ìbéèrè ló gbé lọ, kò gbé iye lọ: "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kan òrùlé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lóore. Tá a bá wá yọ ohun tẹ́ ẹ ná, kí ló kù?" Ẹ̀gbọ́n ti kọ ọ́ sínú bébà. Yàrá mẹ́fà ní ₦15,000 lóṣù jẹ́ ₦90,000. Fún oṣù 48, ó jẹ́ ₦4,320,000. Òrùlé jẹ ₦1,200,000, kànga jẹ ₦800,000. Ó ku ₦2,320,000, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,160,000. Ọkùnrin náà wo iye yẹn pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣírò ó, kò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Odindi àdéhùn lè ti kọ̀rọ̀ jáde. Ní Camp David lọ́dún 1978, láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án, Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, rí i pé bí Begin ti Ísírẹ́lì àti Sadat ti Íjíbítì bá ti fojú kan ara wọn, ìjà ni. Ó yà wọ́n, ó ń gbé ìwé kan náà láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, wọ́n sì tún un kọ ju ìgbà 20 lọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àmọ́ olórí orílẹ̀-èdè lè padà sílùú rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò máa pàdé níbi ìnáwó, wọ́n á jọ wọ aṣọ ẹbí. Bí onílàjà bá bá wọn gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tán, ọmọ iṣẹ́ lásán ló di, ọjọ́ tí òrùlé náà bá tún jò wọ́n á tún wá a wá.

Ìdí rèé tó fi padà bá àbúrò, tó ní, "Èwo nínú rẹ̀ lẹ fẹ́ fẹnu ara yín sọ?" Wọ́n ṣà á títí ó fi ku gbólóhùn méjì. Ó gbìyànjú wọn wò lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún jókòó pa pọ̀, báàgì ti kúrò lórí itan rẹ̀, ó ti wà nílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ kan òrùlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ayálégbé mọ́ láì sọ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n ní òun ò mọ̀ pé ìyẹn ló wà nínú rẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ₦500,000 kí oṣù tó parí, ₦110,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà, orúkọ àwọn méjèèjì lórí rìsíìtì owó ilé. Wọ́n fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n lọ tán, onílàjà fa ìwé tó kọ ní kọ̀rọ̀ ya.