Itan Ló Ń Jóni, Ìbàdí Ni Iṣan Ti Há

Bí ẹnì kan bá ń dúró sídìí ọjà ní Ìyànà-Ìbà láti àárọ̀ dọjọ́rọ̀, tí ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀ wá ń jó bí ìgbà tí wọ́n fi ata pa á lára, jẹ̀díjẹ̀dí tàbí àrọmọléegun ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Yóò ra àgbo lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, yóò fi róòbù pa itan, yóò fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Bó bá lówó lọ́wọ́, yóò lọ ya fọ́tò eegun ẹ̀yìn. Itan ló ń dùn ún, ẹ̀yìn ni wọ́n ń yà, àmọ́ ìdí ibi tó so ìró mọ́ ni wàhálà wà, ibẹ̀ ni kò sì sẹ́ni tó wò.

Àwọn dókítà ń pe ìnira yìí ní mẹ́rálíjíà pàrẹsitẹ́tíkà. Kì í pani, kì í sì í sọni di arọ. Ṣùgbọ́n ó lè gba oorun lójú èèyàn fún oṣù púpọ̀, ó sì lè gbọ́n owó ilé lọ sórí àyẹ̀wò àti oògùn tí kò kàn án. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ àwọn dókítà àdúgbò ní orílẹ̀-èdè Netherlands, nínú 10,000 èèyàn, nǹkan bíi mẹ́rin ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ní in lọ́dọọdún. Kì í ṣe àrùn tó pọ̀ lọ títí, kì í sì í ṣe ohun tí ojú ò rí rí.

Iṣan tí ọ̀rọ̀ kàn yìí kì í gbé ẹ̀jẹ̀, ìròyìn ló ń gbé. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ti jáde, nítòsí eegun ẹ̀yìn kejì àti ẹ̀kẹta nínú àwọn márùn-ún tó wà ní ìbàdí. Ó gba inú ìbàdí sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sí iwájú, ó sì wọ itan láti ẹ̀gbẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: kó máa sọ fún ọpọlọ ohun tó ń kan awọ ẹ̀gbẹ́ itan, bóyá ooru ni, òtútù ni, aṣọ ni tàbí ìrora. Kò bá ẹran itan dá nǹkan kan pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí èyí ń ṣe fi lè sáré, tó lè gun àtẹ̀gùn, tó sì lè gbé ẹrù, bí itan rẹ̀ tilẹ̀ ń jó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ fi ìka wá eegun tó yọ síta níwájú ìbàdí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, níbi tí bẹ́líìtì máa ń kọjá. Láti orí eegun yẹn, okùn ẹran líle kan nà lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn títí dé eegun iwájú abẹ́. Abẹ́ okùn yìí ni iṣan náà ń gbà kí ó tó wọ itan, ibi tó sì ti ń kọjá kì í jìnnà sí eegun yẹn: ìwọ̀n sẹ̀ntímítà kan péré ni lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ibẹ̀ há, ó sì jẹ́ ibi tí iṣan náà ti ń ṣẹ́ kọ́nà kó tó sọ̀ kalẹ̀. Bí ohunkóhun bá tẹ ojú ibẹ̀ láti òde, tàbí bí ikùn bá tì í láti inú, iṣan náà yóò há.

Kì í ṣe ọ̀nà kan náà ló ń gbà lára gbogbo ènìyàn. Lára àwọn kan, ó gba àárín okùn náà gan-an kọjá. Lára àwọn díẹ̀, orí eegun ìbàdí ló gbà, tí ó fi jẹ́ pé bẹ́líìtì ń lọ̀ ọ́ mọ́ eegun tààrà. Èyí ló ń jẹ́ kí ẹni méjì lo irú bẹ́líìtì kan náà, kí ọ̀kan máa ké, kí ìkejì má mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀.

Iṣan tí wọ́n ń tẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń pàdánù ìbòrí ọ̀rá tó bò ó. Bí ìbòrí yẹn ti ń tán lọ, iṣan náà á máa ránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán an: iná ò jó awọ, síbẹ̀ ọpọlọ á gbọ́ pé iná ń jó. Bó bá pẹ́, apá kan lára iṣan náà á dákẹ́, ibẹ̀ á sì kú. Bí ìjóni àti kíkú ara ṣe ń bá ara wọn gbé lójú ibì kan náà nìyẹn, tí aṣọ lásán tó bá kan itan á fi máa dun èèyàn, tí ẹ bá sì fi ọwọ́ fún un, kò ní mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká ro ti ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà kan ní Okokomaiko, ẹni nǹkan bí ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó ti sanra sí i láti ọdún mélòó kan, ikùn rẹ̀ sì wúwo síwájú. Ó fi ọ̀já ìgbàdí tó lágbára so àpò owó mọ́ ìdí lábẹ́ ìró, ó so ó le kí ó má baà já bọ́ nínú èrò, àpò náà sì wà lápá ọ̀tún. Ní ọ̀sán, ẹ̀gbẹ́ itan ọ̀tún rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, láti ìsàlẹ̀ ìbàdí títí dé òkè eékún. Bó bá jókòó, ó máa ń fúyẹ́. Bó bá dìde rìn lọ sójú títì, á tún gbóná padà. Bó bá dùbúlẹ̀ lórí ikùn lálẹ́, ó le sí i.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára rẹ̀ ṣe é túmọ̀. Bí ó bá dúró gbọọrọ tàbí tó nasẹ̀ sẹ́yìn, iṣan náà ń nà, ó sì ń lọ lábẹ́ okùn líle yẹn. Bí ó bá jókòó, ibẹ̀ dẹ̀. Ikùn tó wúwo ń fa okùn yẹn sísàlẹ̀, ọ̀já sì ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Bí ó bá jẹ́ pé ó tún ní àtọ̀gbẹ, iṣan rẹ̀ á ti máa rẹ̀ kí wàhálà tó dé: nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Olmsted ní Minnesota lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àrùn náà pọ̀ lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ju ti gbogbo èèyàn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méje. Nítorí náà, mo gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ìjóni yìí láìmọ ìdí rẹ̀ yẹ kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìnira yìí kò tuntun. Martin Bernhardt ní ilẹ̀ Jámánì ti kọ nípa rẹ̀ ní 1878. Ní 1895, Vladimir Roth ní Rọ́ṣíà fún un lórúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Nínú ọdún kan náà, Sigmund Freud kọ̀wé pé òun náà ní in. Ní 2007, àwọn dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà ròyìn rẹ̀ lára sójà tó wọ ẹ̀wù tí ọta ìbọn kì í wọ̀ ní Ìràkì, nítorí bí ẹ̀wù náà ṣe wúwo tó sì ń tẹ iwájú ìbàdí nígbà tí wọ́n bá jókòó. Ní àdúgbò tí àgọ́ sójà Ọ̀jọ́ wà yìí, ìyẹn kò jẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè. Àwọn ọlọ́pàá tó kó ìbọn àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sórí bẹ́líìtì wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ oníṣòkòtò jínsì tó fún mọ́ra wà níbẹ̀, aláboyún náà wà níbẹ̀. Ti aláboyún, ikùn ló ń tì í, ó sì sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀ ọ́n? Kì í fi bẹ́ẹ̀ ná owó. Ó máa ń fi òwú fọwọ́ kan itan méjèèjì, kó sì fi kálàmù sàmì sí ibi tí ara ti kú, tó sì máa ń jẹ́ apá kan ní ẹ̀gbẹ́ itan tí kò kọjá eékún. Ó máa ń fi òòlù kékeré lu eékún: ó gbọ́dọ̀ ta bó ṣe yẹ. Ó máa ń ní kí ẹni náà fi ẹsẹ̀ tì í: okun gbọ́dọ̀ pé. Lẹ́yìn náà ó lè ní kó fi ẹ̀gbẹ́ tí kò dùn ún dùbúlẹ̀, kí dókítà fúnra rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìbàdí òkè mọ́lẹ̀, kó sì dúró ní ìṣẹ́jú-àáyá 45. Bí ìjóni náà bá dẹ̀ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, okùn tó ń fún iṣan náà ti dẹ̀, a sì ti rí ibi tó há. Bó bá ṣì rú u lójú, a lè gún abẹ́rẹ́ amárakú sí inú ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ìbàdí yẹn: bí ìrora náà bá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sí iyèméjì mọ́.

Àwọn àmì kan wà tó ń sọ pé nǹkan mìíràn ni. Bí eékún bá ń yẹ̀ lábẹ́ ẹni, bí ẹsẹ̀ kò bá lágbára mọ́, bí ara bá kú wọ ojúgun tàbí àárín itan, ẹ̀yìn ni kí wọ́n lọ wò. Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tàbí tó ń jáde láìmọ̀, tàbí tí ara bá kú níbi tí èèyàn fi ń jókòó, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni, kì í ṣe ọ̀la. Bí ẹni náà bá ń rù láìní ìdí, tàbí tó rí kókó nísàlẹ̀ ikùn, ó yẹ kí wọ́n wo inú ikùn, nítorí kókó inú ìbàdí lè tẹ iṣan náà láti inú. Bí awọ ibẹ̀ bá ń lé ròrò, àrùn awọ ni kí wọ́n ronú sí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá tí a mẹ́nu bà yẹ kó ṣe ni kó kó owó kúrò nídìí. Kó gbé àpò sọ́rùn tàbí kó fi sínú àpótí tó ń tì, kó tú ọ̀já náà, kó wọ aṣọ tí kò fún un, kí ó máa jókòó díẹ̀ láàárín iṣẹ́. Bí ó bá lè dín ara kù, kó dín in. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń rọ̀ báyìí láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ retí pé yóò lọ lọ́jọ́ kejì, nítorí iṣan máa ń lọ́ra láti bọ̀ sípò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ ibi tó ti kú. Awọ tí kò mọ ooru kò ní kìlọ̀ kó tó bó.

Parasitamọ́lù kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Bí ìjóni náà bá pọ̀, dókítà lè fún un ní oògùn tó wà fún ìrora iṣan, bíi amitirípitílínì tàbí gábápẹ́ńtìnì, láti ìwọ̀n kékeré lọ. Bí kò bá gbọ́, a lè gún sítẹ́rọ́ìdì sí ojú ibi tó há. Iṣẹ́ abẹ jẹ́ ti àwọn díẹ̀ tí gbogbo èyí ò ràn lọ́wọ́: àwọn dókítà lè tú iṣan náà sílẹ̀ kúrò lábẹ́ okùn, tàbí kí wọ́n gé e. Gígé rẹ̀ lè tán ìrora pátápátá, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ itan yẹn yóò kú títí láé, nítorí náà ó yẹ kí aláìsàn gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké kó tó fọwọ́ sí ìwé.