Páswọ́ọ̀dù Lórí Ìwé Ilẹ̀: Ohun Tó Ń Dáàbò Bò àti Ohun Tí Kò Lè Dá Dúró

Fáìlì PDF lè ní páswọ́ọ̀dù méjì, iṣẹ́ wọn kò sì jọra rárá. Páswọ́ọ̀dù ìṣíwọlé ni àkọ́kọ́. Bí a bá ti fi í sí fáìlì, ọ̀rọ̀ àti àwòrán inú rẹ̀ yóò di àdììtú, ẹni tí kò bá sì mọ páswọ́ọ̀dù náà kò ní rí nǹkan kan kà. Èkejì ni páswọ́ọ̀dù ìyọ̀ǹda. Èyí kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ka fáìlì. Ohun tó ń sọ ni pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n má ṣe da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ síbòmíràn, kí wọ́n má sì yí i padà. Nítorí pé páswọ́ọ̀dù ni a ń pe méjèèjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi èkejì nìkan sórí ìwé pàtàkì, tí ọkàn wọn á sì balẹ̀ lásán.

Ìwé ilẹ̀ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ó wà lára ohun tí àwọn ìdílé ìgboro Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, Màpó àti Bẹ́yẹrúnkà, máa ń fi ránṣẹ́ sí lọ́yà tàbí sí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi. Ká ní agbo-ilé kan fẹ́ fi ìwé àdéhùn àti pílánì sọ́fè ilẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí lọ́yà ní Èkó. Wọ́n gbé bébà lọ sí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tòkọ́pì, wọ́n yà á sínú kọ̀ǹpútà, ó di fáìlì. Bí LibreOffice bá wà lórí kọ̀ǹpútà náà, wọn yóò ṣí fáìlì yìí, wọn yóò tẹ File, lẹ́yìn náà Export As, lẹ́yìn náà Export as PDF. Lábẹ́ Security ni Set Passwords wà. Níbẹ̀ ni àyè páswọ́ọ̀dù méjèèjì wà, ti ìṣíwọlé lókè, ti ìyọ̀ǹda nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ ti ìyọ̀ǹda, wọ́n lè yan Not permitted fún títẹ̀ jáde àti fún àyípadà, kí wọ́n sì yọ àmì kúrò lójú Enable copying of content. Ẹni tó bá ń lo Microsoft Word lè fi páswọ́ọ̀dù ìṣíwọlé sí PDF nínú Options nígbà tó bá ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí ti ìyọ̀ǹda níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ti ìyọ̀ǹda nìkan ni wọ́n kọ, fáìlì náà yóò ṣí fún ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni pé inú rẹ̀ ti di àdììtú, ṣùgbọ́n nǹkan tí yóò tú u kò sí ní ìpamọ́, nítorí pé gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù gbọ́dọ̀ lè tú u kí ojú tó lè rí i. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ prógíráàmù tó ṣí i ló kù sí bóyá yóò bọ̀wọ̀ fún òfin tí a kọ sínú fáìlì. Ìlànà àgbáyé tó ń darí PDF, ISO 32000, tó jáde ní 2008, sọ ọ́ gbangba pé kò sí ohun kankan nínú fáìlì fúnra rẹ̀ tó lè fi ipá mú òfin yìí ṣẹ. Adobe Reader ń pa á mọ́. Àwọn prógíráàmù mìíràn wà tí kì í wo ojú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ó dà bí àkọlé «Ẹ má gba ibí kọjá» lẹ́nu ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn: ẹni tó ní ìtẹríba yóò yà, ẹlòmíràn yóò kọjá.

Ọ̀nà tí ìdílé náà fi lè mọ èyí tí wọ́n ní rọrùn. Kí wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́ sí fóònù mìíràn tí kò ṣí i rí. Bí ó bá ṣí láìbéèrè ohunkóhun, kò ní ààbò ìṣíwọlé.

Páswọ́ọ̀dù ìṣíwọlé lágbára ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n agbára rẹ̀ kò kọjá ti ọ̀rọ̀ tí a yàn. Ẹ̀rọ ATM máa ń ti káàdì pa bí ènìyàn bá ṣi nọ́ńbà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Fáìlì kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ lè gbé kọ̀ǹpútà tì í kí ó máa dán ọ̀rọ̀ wò tọ̀sántòru, kò sì sí ẹni tí yóò dá a dúró. Nọ́ńbà mẹ́rin kò ju 10,000 oríṣi lọ. Ọjọ́ìbí, bí a bá ka gbogbo ọjọ́ tó wà nínú 100 ọdún, kò ju nǹkan bí 36,500 lọ. Kọ̀ǹpútà lásán yóò dán gbogbo irú èyí wò tán láìpẹ́. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì gùn, ó jẹ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti sanwó sí i rí ti mọ̀ ọ́n. Orúkọ agbo-ilé àti oríkì kò sàn jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára wọn tan ló dára jù, irú bí `agogo-taya-ewuro-orombo`, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má lo èyí tí a tẹ̀ síhìn-ín. Kí a kọ ọ́ láìsí àmì ohùn àti láìsí àmì abẹ́ lẹ́tà. Àwọn PDF irú ti àtijọ́ kò ní àyè fún ẹ àti ọ nínú páswọ́ọ̀dù, nítorí náà ohun tó ṣí níhìn-ín lè kọ̀ láti ṣí lórí fóònù lọ́yà. Kí a pe lọ́yà sórí fóònù láti sọ ọ́ fún un, kí a má kọ ọ́ sínú Wátsáàpù kan náà tí fáìlì gbà lọ. Bí ìdílé bá gbàgbé rẹ̀, kò sí ọ́fíìsì tó lè bá wọn wá a, torí náà kí bébà gangan wà ní ìpamọ́ nílé.

Lẹ́yìn tí lọ́yà bá ti ṣí fáìlì, ààbò páswọ́ọ̀dù ti parí níbẹ̀. Ó lè ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó lè fi páswọ́ọ̀dù fún akọ̀wé rẹ̀, ó sì lè tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí fáìlì lè gbà dí ojú tó ti rí i. Ohun tó ṣèrànwọ́ díẹ̀ ni pé kí a kọ orúkọ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, ìdí àti ọjọ́ gba àárín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì kí a tó yà á. Èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀dà náà bá yọjú níbòmíràn, a ó mọ ibi tó ti jáde.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ni kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Fáìlì tí kò ní páswọ́ọ̀dù, èyí tí a kọ́kọ́ yà, ṣì wà níbẹ̀ nínú Downloads tàbí Desktop, ó sì lè wà nínú Wátsáàpù oníṣọ́ọ̀bù. Títì tí a ti fáìlì kejì pa kò kan ti àkọ́kọ́. Kí oníwèé dúró títí a ó fi pa á rẹ́ lójú rẹ̀, kí a sì tú Recycle Bin dànù. Bí ó bá ní fóònù tó lè ya ìwé fúnra rẹ̀, ìyẹn sàn ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Orúkọ fáìlì náà ṣe pàtàkì, nítorí pé páswọ́ọ̀dù kì í bò ó: «Ilẹ̀ tí a fẹ́ tà ní Akóbọ̀» ti tú àṣírí kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i.

Páswọ́ọ̀dù kò sì fi hàn pé ìwé jẹ́ ojúlówó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú pílánì lè fi páswọ́ọ̀dù tó lágbára sí i bí ẹlòmíràn. Ẹni tí a fi pílánì hàn kí ó tó sanwó ilẹ̀ níláti gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí Ọ́fíìsì Sọ́fèyọ̀-Àgbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Ìbàdàn, kí wọ́n fi wé ẹ̀dà tí sọ́fèyọ̀ kó sílẹ̀ níbẹ̀.