Àlàfo Tó Yẹ Kí Àpilẹ̀kọ Másítà Dí

Bí ẹ bá wọ ibi tí wọ́n ń kó àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlera àwùjọ sí ní yunifásítì wa, ẹ ó máa bá àkòrí kan náà pàdé: ìmọ̀ àti ìṣesí àwọn aláboyún nípa ibà, ní ìjọba ìbílẹ̀ báyìí báyìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ló kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní kò tíì sẹ́ni tó ṣe é lọ́dọ̀ tòun, àlàfo nìyẹn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, àyàfi bí nǹkan kan bá wà ládùúgbò náà tó lè mú kí èsì yàtọ̀. Ohun tí mò ń pè ní àlàfo ni ìbéèrè tí ẹnì kan ń dúró de ìdáhùn rẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́, tí àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ ò sì lè dáhùn.

Ẹ wo oògùn tí wọ́n fi ń dènà ibà lára aláboyún, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Fansidá, hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọdún 2012 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aláboyún máa lò ó nígbàkígbà tó bá wá fún àyẹ̀wò, láti oṣù kẹrin lọ, kí oṣù kan ó kéré tán wà láàárín ìlò kan sí èkejì, kó sì tó ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán kó tó bímọ. Nínú ìwádìí ìlera àti iye ènìyàn tí Nàìjíríà ṣe ní 2018, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láàárín ọdún méjì, bíi 64 ló lò ó lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bíi 17 péré ló lò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Níbo ni ìyókù bọ́ sí?

Ká sọ pé obìnrin kan forúkọ sílẹ̀ nígbà tí oyún pé oṣù márùn-ún. Ó wá lẹ́ẹ̀marùn-ún, oṣooṣù, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n fún un ní oògùn. Èkejì ò yọjú títí oyún fi di oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá, wọ́n sì fún un nígbà méjèèjì. Nínú iye tí ìwádìí ìjọba gbé jáde lórí oògùn yìí, bákan náà ni àwọn méjèèjì, torí iye ìgbà tí wọ́n rántí pé àwọn lo oògùn ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé ìwòsàn jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ lọ lásán, nígbà tó jẹ́ pé kí èkejì tètè forúkọ sílẹ̀ ni ìṣòro tirẹ̀. Ìwé ìbéèrè tó ń wádìí ìmọ̀ aláboyún ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ìyá aláboyún la sábà máa ń di ẹ̀bi rù.

Àkòrí wá ń yọjú: ìgbà àyẹ̀wò wo ni oògùn ń bọ́ mọ́ aláboyún lọ́wọ́ nílé ìlera alábọ́ọ́dé, kí ló sì fà á? Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dì í mú, kó kọ́kọ́ wá a lórí PubMed báyìí:

```
("IPTp" OR "sulfadoxine-pyrimethamine") AND pregnan* AND Nigeria
```

Kó wò ó lórí African Journals Online náà, torí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ìmọ̀ ilẹ̀ wa ò sí lórí PubMed. Bó ti ń kà wọ́n, kó kọ ohun tí wọ́n bi àwọn èèyàn àti ohun tí ọ̀nà tí wọ́n gbà ò lè fi hàn. Ibi tí òǹkọ̀wé ti jẹ́wọ́ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ ló lérè jù láti kà. Bó bá rí ìwádìí tó ti dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa, kó fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kó gba àṣẹ láti wo bí àádọ́ta orúkọ nínú rẹ́jísítà ilé ìlera kan. Àyè òfìfo ló máa dà á láàmú: ṣé wọn ò fún obìnrin náà ni, àbí nọ́ọ̀sì gbàgbé láti kọ ọ́? Káàdì tí wọ́n fi ń ṣírò oògùn ní sítọ́ọ̀ máa ràn án lọ́wọ́. Bí oògùn bá tán nínú oṣù yẹn, ìdí ti hàn. Bó bá wà, kó bi nọ́ọ̀sì léèrè. Kó má sì ka àwọn tó ń lo Séptírìn nítorí kòkòrò éèdì mọ́ àwọn tí oògùn fò, torí kò yẹ kí wọ́n lo Fansidá pọ̀ mọ́ ọn rárá.

Bí òfìfo bá pọ̀ jù tí káàdì sítọ́ọ̀ ò sì sí, rẹ́jísítà ò ní lè gbé iṣẹ́ náà. Á kúkú dúró níbi àyẹ̀wò, á máa bi obìnrin kọ̀ọ̀kan bó ti ń jáde bóyá wọ́n fún un ní oògùn lónìí. Èyíkéyìí tó bá yàn, àwọn tí kò wá sílé ìlera rárá ò sí nínú rẹ̀, kí àkòrí náà sì sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: láàárín àwọn aláboyún tó forúkọ sílẹ̀.