FỌ́TÒ MẸ́TA PÉRÉ, LẸ́TÀ PADÀ SẸ́YÌN! Ìdí tí ímeèlì kì í fi í gba ẹrù tó bá pọ̀ jù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé iye fọ́tò ni wọ́n ń kà bí a bá fẹ́ so wọ́n mọ́ lẹ́tà ímeèlì. Irọ́ ni o! Ìwọ̀n ni wọ́n ń wò. Fọ́tò 20 tí kò wúwo lè kọjá níbi tí fọ́tò 3 tó wúwo ti há.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní wọ́n kọlu ọkọ̀ obìnrin oníṣòwò kan n'Íbàdàn. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ní kó fi fọ́tò ibi tó bàjẹ́ ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ò ní jáde. Ó fi fóònù ya fọ́tò 3, mẹ́gábáìtì 3 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9. Wọ́n ti sọ fún un pé kọ̀m̀pútà àwọn ń gba bíi 10. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó fi í ránṣẹ́. Kò pẹ́, lẹ́tà padà. Àbí 9 ti ju 10 lọ ni?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fọ́tò a máa sanra lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin bí kọ̀m̀pútà yóò ṣe máa gbé lẹ́tà fún ara wọn lọ́dún 1982, ọ̀rọ̀ lásán tí a fi álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì kọ ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwòrán ò sí nínú ètò náà. Lọ́dún 1992 ni Nathaniel Borenstein àti Ned Freed, ará Amẹ́ríkà, gbé ọgbọ́n kan jáde. Wọ́n ní kí a máa gé báìtì àwòrán ní mẹ́ta mẹ́ta, kí a wá fi lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì mẹ́rin kọ mẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Ojú ọ̀nà àtijọ́ yóò rò pé ọ̀rọ̀ lásán lòun ń gbé. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún náà, Borenstein fi fọ́tò òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n jọ ń kọrin ránṣẹ́ lọ́nà yìí. Ọ̀nà náà la ṣì ń lò dòní.

Nítorí náà, gbogbo 3 ló ń di 4. Mẹ́gábáìtì 9 obìnrin yẹn ti di 12 kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Postfix, ètò tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń gba lẹ́tà, kì í gbà ju báìtì 10,240,000 lọ bí ẹni tó ni ín kò bá yí i padà. Ká ní fọ́tò 2 ló fi ránṣẹ́ ni, 6 ì bá di 8, wẹ́rẹ́ ni ì bá wọlé.

Kí ló dé tí wọn ò kàn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀? Ìdí ni pé gbogbo kọ̀m̀pútà tí lẹ́tà bá yà sí gbọ́dọ̀ gba gbogbo rẹ̀, kó sì tọ́jú rẹ̀ kó tó tì í síwájú. Bí ènìyàn bá fi mẹ́gábáìtì 12 ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ 40, ó di 480 nínú àpótí wọn. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, aṣebi kan ṣoṣo lè kó ẹrù kún ibẹ̀ títí tí lẹ́tà ẹlòmíràn ò fi ní rí àyè wọlé. Oníkálukú ló sì ń ṣe òṣùwọ̀n tirẹ̀. Gmail gbà kí a so tó mẹ́gábáìtì 25 mọ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ gbà á bá ní 10 lòun ń gbà, 10 labẹ gé.

Ibi tó léwu jù nìyí: orúkọ MAILER-DAEMON ló máa ń wà lórí lẹ́tà tó bá padà, irú ọ̀rọ̀ yìí a sì wà nínú rẹ̀:

```
552 5.3.4 Message size exceeds fixed limit
```

Àwọn kan á ní iṣẹ́ onígbàjúẹ̀ ni, wọ́n á pa á rẹ́. Bí obìnrin yẹn bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò rò pé fọ́tò òun ti dé, ọjọ́ Ẹtì á sì kọjá.

Ọ̀nà àbáyọ ò le. Kó fi fọ́tò kọ̀ọ̀kan sínú lẹ́tà tirẹ̀, tàbí kó dín wọn kù. Fọ́tò tó fẹ̀ ní 4000, tó ga ní 3000, ní àmì tíntìntín mílíọ̀nù 12. Bí a bá sọ ọ́ di 2000 àti 1500, ó ku mílíọ̀nù 3, ìwọ̀n rẹ̀ á sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdámẹ́rin. Kó má wulẹ̀ dì í ní síìpù, fóònù ti fún un pọ̀ tẹ́lẹ̀, díẹ̀ báyìí ló máa dín. Kó sì tọ́jú ògidì fọ́tò náà o, torí èyí tí a bá ti dín kù kì í fi ojú ìbú tínrín hàn mọ́, ilé iṣẹ́ náà sì lè béèrè rẹ̀ lọ́la.