Ohun Tí Ẹ Bá Rí Ni Kí Ẹ Kọ

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ ìlú kọ fún ilé-ìkàwé, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wa sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti fi ṣí i, torí ìwé owó ẹgbẹ́ wa wà nínú èyí tí wọn yóò dà kọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín wà nídìí ọjà lọ́jọ́ náà. Ohun tí a bá wọn sọ nìyí:

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ wo òkè tó wà lẹ́yìn wa yẹn. Orí rẹ̀ ni àwọn bàbá àti ìyá wa gbé títí di 1923 tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ilé-ìwé tí wọ́n kọ́ ní 1896 náà wà níbẹ̀. Ilé ṣì ṣẹ́kù, àmọ́ ìwé ò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ikán ń jẹ ẹ́, ọ̀rinrin ń bà á jẹ́, yíǹkì ara rẹ̀ sì ń ṣá. Ẹ̀yin lẹ ó dà á kọ kó tó parẹ́.

Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí ẹ rò. Ẹ jẹ́ ká mú owó wò. Ká ní ẹ rí i nínú ìwé pé obìnrin 12 dá tọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wá kọ “3/-” sí ìsàlẹ̀. Tọ́rọ́ ni kọ́bọ̀ mẹ́ta. Ọmọ tó gbọ́n á ní, “Ẹ̀ẹ̀mejìlá mẹ́ta, 36 ni. Èwo ni 3 yìí? Akọ̀wé ti kó owó jẹ!” Á wá pa 3 rẹ́, á kọ 36. Ọmọ mi, o ti sọ ìyá tí kò jalè di olè, bẹ́ẹ̀ ó ti kú, kò lè dá ọ lóhùn. Kọ́bọ̀ 12 ló ń jẹ́ ṣílè kan nígbà yẹn, ṣílè 20 sì ni pọ́n-ùn kan. 36 náà ni ṣílè mẹ́ta, “3/-” sì ni wọ́n ń kọ ọ́. Owó pé pérépéré.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà dé. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ 10. Kọ́bọ̀ ayé ìyá yín àgbà kì í ṣe kọ́bọ̀ náírà. Torí náà, bí ẹ bá rí “3/-”, ẹ kọ “3/-”. Ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sórí ìwé mìíràn lọ́tọ̀.

Bákan náà ni orúkọ. Bí ẹ bá rí “Ufẹ”, ẹ má sọ ọ́ di “Ifẹ”. Ufẹ̀ Òkè ni orúkọ àtijọ́ ìlú wa. Bí ẹ bá yí i padà, owó tí wọ́n dá nílé níbí á dà bí èyí tí wọ́n lọ dá ní Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ bá rí “aiye” tàbí “enia”, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn kí wọ́n tó tún ìlànà àkọtọ́ ṣe ní 1974.

Ẹni méjì ni kó máa ṣe ojú-ìwé kan. Ọ̀kan á kọ, èkejì á kà á sókè, wọn á sì fi wé ìwé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi àmì ìbéèrè sí i. Èyí tí ikán bá ti jẹ, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ pé ó ti jẹ. Ẹ má fi ọgbọ́n orí dí i. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò, torí báírò tó bá ta sára ìwé ò ṣeé pa rẹ́. Ẹ má fi itọ́ ṣí ìwé, ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Bó bá pẹ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sọ ibẹ̀ di pupa rúsúrúsú.

Ohun kan tó kù ni gbèsè. Ojú-ìwé tí orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè wà, tí wọ́n ṣì wà láyé, a ti yọ ọ́ sọ́tọ̀, kò ní dé ilé-ìwé. Ẹ̀yin náà, ẹ má gbé ohun tí ẹ bá kà nílé yìí lọ sójú pópó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa parí sí. Ẹ̀yin ìyá, ó kàn yín báyìí. Ọ̀dọ̀ yín tí ẹ ti fi tọ́rọ́ àti sísì ra nǹkan rí ni àwọn ọmọ yìí yóò ti bèèrè. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ìwé ẹgbẹ́ bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ gbé e wá. Ẹ má sá a sóòrùn kí yíǹkì má baà ṣá, ẹ má sì dì í sínú ọ̀rá bó bá tutù, kó má baà bu. Bó ṣe wà gan-an ni kí ẹ gbé e wá.