Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ láàárín ṣíífù

Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni àkọsílẹ̀ tí òṣìṣẹ́ tó ń lọ sílé fi ń sọ fún ẹni tó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí a ti ṣe, ohun tó kù àti àkókò tí ó yẹ kí a ṣe é. Ìtọ́jú gìrì aboyún ní ilé ìwòsàn fi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn kedere.

Àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Magnẹ́síọ̀mù sọ́féètì ni oògùn gìrì yìí. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé ilé ìwòsàn kékeré tí kò lè ṣe ìtọ́jú náà parí lè fún aláìsàn ní ìwọ̀n àkọ́kọ́, kí ó sì gbé e lọ síbi tó tóbi jù. Bí gìrì bá mú aboyún kan ní Ẹ̀sà-Òkè, wọ́n lè fún un ní gíráàmù 4 sínú iṣan àti gíráàmù 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi Wẹ́sílì Gíìlìdì ní Iléṣà. Lẹ́yìn náà, yóò máa gba gíráàmù 5 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin.

Bí ìwọ̀n àkọ́kọ́ bá jẹ́ aago 10 àárọ̀, èyí tó tẹ̀lé e yóò jẹ́ aago 2 ọ̀sán. Bí ó bá jẹ́ aago 2 náà ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pààrọ̀, ẹni tó ń lọ lè rò pé ẹni tó dé ni yóò fún un, ẹni tó dé sì lè rò pé wọ́n ti fún un. Àkọsílẹ̀ tó péye yóò kà báyìí:

> Ìwọ̀n àkọ́kọ́: aago 10 àárọ̀, Ẹ̀sà-Òkè. Gíráàmù 5, aago 2 ọ̀sán, ìdí ọ̀tún: A KÒ TÍÌ FÚN UN. Èémí 18 ní ìṣẹ́jú kan. Ìtọ̀ láti aago 10: mìlílítà 140. Ẹsẹ̀ ń ta bí a bá kan orúnkún.

Bí àyè ìbuwọ́lù bá ṣófo lẹ́yìn aago 2, kì í ṣe ẹ̀rí pé a kò fún un. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbàgbé láti kọ ọ́. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ bi ẹni tó lọ léèrè. Bí a bá fò ó, gìrì lè padà. Bí a bá fún un lẹ́ẹ̀mejì, oògùn náà lè di májèlé, kí ó sì dá èémí dúró.

Kíkọ́ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù mìíràn

Ìwé nìkan kò tó fún nọ́ọ̀sì tí wọ́n yá láti wọ́ọ̀dù mìíràn, bí kò bá mọ ìdí tí a fi ń kan orúnkún. Ṣáájú ọjọ́ náà, ó yẹ kí ó ti ṣe é lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n: kí ó ka èémí, tí kò gbọdọ̀ dín sí 16 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó wọn ìtọ̀, tí kò gbọdọ̀ dín sí mìlílítà 30 ní wákàtí kan, kí ó sì wo bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń ta. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, kò ní fún un ní abẹ́rẹ́ náà, yóò sì pe dókítà. Ó tún gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú kálísíọ̀mù gúlúkónéètì sí, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ̀ rẹ̀.

Ààlà rẹ̀

Ohun tí a kọ ní aago 1 lè ti yí padà kí ó tó di aago 2. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì méjèèjì fi ń dúró ti ibùsùn aláìsàn, tí wọ́n ń ka ìwé náà papọ̀, tí wọ́n sì ń tún àyẹ̀wò ṣe kí ẹni àkọ́kọ́ tó lọ.